Táyé Mẹ́fà, Kẹ́hìndé Méjìlá: Bí A Ṣe Ń Fi Ìwọ̀n Kílò Ka Hóró Oògùn Ibà fún Ọmọ Kékeré

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹjọ ni Ìyá Ìbejì gbé àwọn ọmọ méjèèjì wá bá wa ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà, ní ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń wọ Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Táyé wà lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Ara àwọn méjèèjì ti ń gbóná láti àná. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Mi ò tíì kí wọn tán tí ìyá àgbà fi sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: "Nọ́ọ̀sì, ohun tẹ́ ẹ bá fún Táyé náà ni kẹ́ ẹ fún Kẹ́hìndé o. Ìbejì ni wọ́n, a kì í ṣe ojúsàájú láàárín wọn."

Ọ̀rọ̀ ìyá yé mi. Aṣọ kan náà là ń rà fún ìbejì, abọ́ kan náà là ń bù oúnjẹ sí fún wọn, àwọn àgbà ẹlòmíì kò sì jẹ́ kí ẹnì kan mu àgbo kí èkejì máà mu níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa fi kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, hóró oògùn mẹ́fà ló wà fún Táyé, méjìlá ló wà fún Kẹ́hìndé. Ọ̀nà tá a gbà débẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀, fún ìyá tàbí bàbá tó ní ọmọ kékeré tí ibà ẹ̀fọn mú.

Oògùn tí mò ń sọ ni atẹmẹ́tà pẹ̀lú lumẹfántírìn, oògùn méjì tí wọ́n pò sínú hóró kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kẹ́míìsì ń pè é ní Koátẹ̀ẹ̀mù, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì pọ̀. Láti ọdún 2005 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ kúlórókúìn kúrò nípò oògùn àkọ́lò fún ibà ni irú oògùn aláṣopọ̀ yìí ti gba ipò rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn

Ohun méjì la kọ́kọ́ ṣe. Àkọ́kọ́, mo wo àwọn ọmọ náà bóyá ibà tí a lè tọ́jú nílé ni, nítorí oògùn mímu yìí kì í ṣe fún ibà tó ti le. Bí ọmọ kò bá lè mu omi tàbí fa ọmú mọ́, bó bá ń bi gbogbo ohun tó gbé mì, bí gìrì bá mú un, bó bá ń sùn tí kò ṣe é jí tàbí tí kò lè jókòó fúnra rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, bó bá ń mí gulegule, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, bí funfun ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi obì, ẹ má ṣe jókòó ka hóró oògùn. Ọsibítù ni. Abẹ́rẹ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Ní Òṣogbo, Ọsibítù ìjọba ní Asúbíaró tàbí ọsibítù olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọ̀ṣun ni kẹ́ ẹ forí lé, lóru lọ́sàn-án.

Ọmọ tí kò tó kílò 5 náà kò sí nínú ohun tí mò ń kọ yìí, bí ara rẹ̀ ò tiẹ̀ le púpọ̀. Dókítà ni kó rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń lo oògùn wárápá tàbí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ́ kí ara tètè lo oògùn ibà yìí tán kó tó ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti sọ pé ó ní àrùn ọkàn náà ń bẹ nínú wọn. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín lóògùn, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín.

Ìkejì ni àyẹ̀wò. A gún wọn níka, ẹ̀jẹ̀ kín-ń-kín sórí ike àyẹ̀wò kíákíá, a kán omi rẹ̀ sí i, a sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí páálí rẹ̀ sọ. Ilà méjì yọ fún Táyé, ilà méjì yọ fún Kẹ́hìndé. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ló yọ ilà méjì ni, ẹnì kan náà ni ǹ bá fún lóògùn ibà, ìyá àgbà ì bá sì bínú sí mi. Ara gbígbóná kì í ṣe ibà ẹ̀fọn nígbà gbogbo. Ikọ́, etí dídùn àti ìgbẹ́ gbuuru náà ń mú ara gbóná, oògùn yìí kò sì rí nǹkan ṣe sí wọn.

Ẹ wọn ọmọ náà lónìí, kì í ṣe pé kí ẹ wo káàdì

Ìyá Ìbejì fa káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yọ, ó ní wọ́n ti wọn àwọn ọmọ náà rí. Ìwọ̀n oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń dàgbà, ó sì lè rù bí ara rẹ̀ ò bá yá, nítorí náà ìwọ̀n tòní la máa ń lò.

Táyé kọ́kọ́ gun orí ìwọ̀n pẹ̀lú bàtà, súwẹ́tà àti ṣòkòtò jíǹsì. Ó ka 15.1. Mo ní kí ìyá rẹ̀ bọ́ gbogbo rẹ̀ ku pátá. Ó ka 14.4. Kẹ́hìndé náà bọ́ aṣọ, tirẹ̀ ka 15.6. Ọjọ́ kan náà la bí wọn, síbẹ̀ ọ̀kan wà nísàlẹ̀ 15, èkejì sì ti kọjá rẹ̀. Bí mo bá ti gba ti bàtà àti súwẹ́tà gbọ́ ni, Táyé ti bọ́ sí ìpele tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ọmọ tó gun ìwọ̀n, ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí òdo. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwọ̀n kan wà tó ń ka ìdajì kílò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, a sì ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bi wá léèrè. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ní ìwọ̀n àgbà nílé, ìyá lè gùn ún nìkan, kó kà á, kó wá gbé ọmọ pọ̀n mọ́ àyà kó tún gùn ún, kó sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ìyá tó ka 68.4 nìkan, tó wá ka 82.8 pẹ̀lú ọmọ, ọmọ rẹ̀ jẹ́ kílò 14.4. Aṣọ kan náà ni kí ìyá wọ̀ nígbà méjèèjì, kó má sì lo gèlè tàbí báàgì nígbà kejì. Ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ tí ìlà rẹ̀ kò ju kílò kọ̀ọ̀kan lọ kò tó láti fi dájọ́ ọmọ tó wà ní bèbè 15 tàbí 25. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí ìwọ̀n ọmọdé wà.

Ìpele mẹ́rin

Hóró tó jẹ́ 20/120 là ń kà síbí, ìyẹn mílígíráàmù 20 fún atẹmẹ́tà, 120 fún lumẹfántírìn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọmọ máa lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ̀n ara ló sì ń sọ iye hóró tó máa lò lẹ́ẹ̀kan:

Kílò 5 títí dé ibi tí kò tíì tó 15: hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 6.
Kílò 15 títí dé ibi tí kò tíì tó 25: hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 12.
Kílò 25 títí dé ibi tí kò tíì tó 35: hóró 3 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 18.
Kílò 35 sókè: hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 24.

Ọmọ tó bá ka 15 gan-an ti wà ní ìpele kejì. Èyí tó ka 14.9 ṣì wà ní ti àkọ́kọ́.

Ìyá àgbà wo èmi, wọ́n wo ọmọ. "Nítorí ìwọ̀n ẹran tí kò tó kílò kan àti ààbọ̀ lẹ ṣe fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì? Ṣé kò ní pọ̀ jù fún Kẹ́hìndé?"

Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù mi dáhùn rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ kílò 5 péré ń lo hóró kan, lumẹfántírìn 120 fún kílò 5, tó jẹ́ mílígíráàmù 24 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé máa lo hóró méjì, 240 fún kílò 15.6, kò ju 15 àti díẹ̀ lọ fún kílò kan. Ohun tó ń kan ara Kẹ́hìndé kéré sí ti ìkókó tó wà ní ìpele àkọ́kọ́. Kò pọ̀ jù.

Táyé gan-an ni mo ń fọkàn sí. Hóró kan, 120 fún kílò 14.4, kò ju 8 àti díẹ̀ lọ fún kílò kan. Ó tó. Ṣùgbọ́n ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn tó wà ní ìpele yẹn, nítorí pé ìtòsí òpin ìpele ló wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele ń rí oògùn tó pọ̀ fún ìwọ̀n ara rẹ̀, èyí tó fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀ ń rí èyí tó kéré. Nítorí náà, ọmọ bíi Táyé ni kò gbọdọ̀ pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ bì í, kò sì gbọdọ̀ lò ó lórí ìfun gbígbẹ. Ìyá kan ti bi mí rí bóyá kó fi ààbọ̀ hóró kún ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Rárá. Ẹ má ṣe dá ìpele tiyín sílẹ̀. Kí ó lo iye tí ìpele rẹ̀ sọ, kó sì lò ó dáadáa.

Ẹ ka nọ́ńbà ara páálí, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀

Oògùn yìí kan náà wà tó jẹ́ 80/480. Hóró kan rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin nínú 20/120, ti àgbàlagbà ni. Àwọn méjèèjì lè wà lórí pẹpẹ kan náà ní kẹ́míìsì, páálí wọn á sì jọra wọn gidigidi. Bí ẹ bá gbọ́ "hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́" fún Táyé, tí ẹ sì lọ fún un ní hóró kan nínú ti 80/480, ẹ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Èyí sì ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù: bàbá lo oògùn tirẹ̀, ó ṣẹ́ kù, wọ́n sì bu èyí tó kù fún ọmọ. Ẹ má gbìyànjú láti fi bíléèdì pín in sí mẹ́rin pẹ̀lú. Kò ní pé dọ́gba, oògùn náà á sì tún fọ́ dànù.

Olómi inú ìgò náà wà, tí wọ́n ń pò lúbúlúbú rẹ̀ pẹ̀lú omi. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe lágbára sí nínú ṣíbí kan, nítorí náà ìlà tó wà lára páálí ìgò kan kò bá ìgò ẹlòmíì mu. Hóró tó ń yọ́ sínú omi ni mo fẹ́ràn fún ọmọdé. Iye rẹ̀ kì í yí padà, ó sì rọrùn láti kà á bóyá ó ti tán.

Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ibi tí wọ́n ń ha bá wà lára páálí, ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá yọ ránṣẹ́ síbi tí páálí sọ, kẹ́ ẹ dúró de èsì kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á.

Pípo àti fífún un

A fún àwọn ìbejì ní ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ níwájú mi, nígbà tí aago lù mẹ́wàá àárọ̀. Mo bu omi mímu ṣíbí tíì méjì sínú kọ́ọ̀bù, mo ju hóró kan ti Táyé sí i, mo rọra rò ó títí ó fi yọ́ tán, ó mu ún. Lẹ́yìn náà mo tún bu ṣíbí méjì sínú kọ́ọ̀bù kan náà, mo fi fọ ìdí rẹ̀, ó mu ìyẹn náà. Ẹ má ṣe fo ti fífọ̀ yẹn, nítorí oògùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kọ́ọ̀bù. Ti Kẹ́hìndé jẹ́ hóró méjì nínú omi ṣíbí mẹ́rin, pẹ̀lú fífọ̀ tirẹ̀. Kọ́ọ̀bù méjì la lò. Ẹni tó ní ìbejì kò gbọdọ̀ po ti àwọn méjèèjì pọ̀ kó wá máa pín in.

Bí ó bá jẹ́ hóró tí kì í yọ́ fúnra rẹ̀ lẹ rí, ẹ lè fi ẹ̀yìn ṣíbí mímọ́ lọ̀ ọ́ kúnná, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀. Ẹ pò ó nígbà tí ọmọ fẹ́ lò ó gan-an. Ẹ má pò ti alẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Lumẹfántírìn fẹ́ràn ọ̀rá. Bí kò bá rí ọ̀rá nínú ikùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á kàn gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú ìgbẹ́ láìwọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò ní kí ọmọ jẹun yó. Mílíìkì díẹ̀ nínú ògì, ẹyin kan, àkàrà, tàbí ọmú ìyá fún ẹni tó ṣì ń mu ọmú ti tó. Ògì lásán tí a fi ṣúgà sí kò ní ọ̀rá. Bísíkíìtì àti ohun mímu inú ike kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ibí yìí ni mo ti bẹ ìyá àgbà lọ́wẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ se ẹ̀wà ìbejì, ẹ̀wà rírọ̀ pẹ̀lú epo pupa, kí àwọn ọmọ sì máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ lo oògùn. Inú wọn dùn. Ohun tó jẹ́ ti ìbejì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, a kò sì jà mọ́ lórí mẹ́fà àti méjìlá.

Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ pátápátá ní ọjọ́ kìíní, ẹ má torí ẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Ẹ fún un pẹ̀lú ohunkóhun tó bá lè mu. Ẹnu á máa ṣí bí ara ti ń balẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ kejì àti ìkẹta sì máa ń ran oògùn náà lọ́wọ́ gan-an.

Wákàtí mẹ́jọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í jìnnà síra bí ti àwọn tó kù. Wákàtí mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó di àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Mo kọ ti àwọn ìbejì sẹ́yìn páálí fún ìyá wọn báyìí:

Ajé: 10 àárọ̀, 6 ìrọ̀lẹ́.
Ìṣẹ́gun: 10 àárọ̀, 10 alẹ́.
Ọjọ́rú: 10 àárọ̀, 10 alẹ́.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 2 ọ̀sán máa lo ìkejì ní aago 10 alẹ́, lẹ́yìn náà 10 àárọ̀ àti 10 alẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́jọ lè bọ́ sí òru. Ẹ ṣètò áláàmù, kẹ́ ẹ jí ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n atẹmẹ́tà kì í pẹ́ nínú ara. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Òun ló ń pa kòkòrò ibà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní wéréwéré, a sì fẹ́ kí ìkejì tètè tẹ̀lé àkọ́kọ́ nígbà tí kòkòrò ṣì pọ̀. Lumẹfántírìn ni tirẹ̀ ń pẹ́, ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òun ló sì ń gbá èyí tó ṣẹ́ kù mọ́.

Ìdí nìyí tí dídá oògùn dúró ní ọjọ́ kejì fi burú. Ara ọmọ ti balẹ̀, ó ti ń sáré kiri inú ọgbà, ìyá á sì fi hóró tó kù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Iṣẹ́ atẹmẹ́tà lẹ ń rí yẹn. Lumẹfántírìn tó máa gbá ìyókù kò tíì pé nínú ara. Ibà náà á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì ní oògùn ni kò dáa.

Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fún un bí ẹ bá ti rántí, kí ẹ sì máa bá a lọ títí ẹ̀ẹ̀mẹfà á fi pé. Ẹ má fún un ní ẹ̀ẹ̀méjì papọ̀ láti fi dí àlàfo.

Nígbà tí Kẹ́hìndé bì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ìyá Ìbejì pè mí. Kẹ́hìndé ti lo ìkejì ní aago mẹ́fà, ó sì bì ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò le: bí ọmọ bá bì kí wákàtí kan tó pé, ẹ ka oògùn yẹn sí èyí tí kò lò, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún odindi rẹ̀ fún un. Bó bá ti lé ní wákàtí kan, ẹ má tún un. Nítorí náà hóró méjì mìíràn ni fún Kẹ́hìndé, kì í ṣe ẹyọ kan, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sì yẹ̀ lórí èyí.

Ìṣòro kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Bí Kẹ́hìndé bá lo hóró méjì nínú méjìlá rẹ̀, oògùn máa tán kí ẹ̀ẹ̀mẹfà tó pé. Ohun tó sì sún mọ́ ọwọ́ jù nínú yàrá yẹn ni káàdì oògùn Táyé. Mo ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, mo tètè sọ ọ́ lórí fóònù: "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yá ti Táyé o." Kẹ́hìndé lo méjì nínú tirẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, àbúrò bàbá wọn sì gun ọ̀kadà wá gba hóró méjì lọ́dọ̀ wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti fi dí i. Ẹni tó bá rà á ní kẹ́míìsì lè ní láti ra káàdì mìíràn. Kò dùn mọ́ àpò nínú, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ̀ẹ̀mẹfà di ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Bó bá tún bi èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹta nílé. Ọmọ tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀ ti wọ inú àwọn tí mo ní kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́.

Ara gbígbóná, àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e

Ara lè ṣì máa gbóná títí di ọjọ́ kejì pẹ̀lú oògùn tó ń ṣiṣẹ́. Parasẹtamọ́ọ̀lù olómi la fi ń mú un balẹ̀, nípa ìwọ̀n ara bákan náà: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan. Fún èyí tó jẹ́ 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bá Táyé àti Kẹ́hìndé mu, nítorí ó jẹ́ mílígíráàmù 180, tí kò sì kọjá ààlà fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí. Nǹkan kan ti dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó tún un, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirín, ẹ sì wò ó bóyá oògùn ọ̀fìnkìn tí ẹ ní nílé kò ní parasẹtamọ́ọ̀lù nínú, kó má lọ di ìlọ́po.

Bí ara bá ṣì ń gbóná gírígírí lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kà lókè bá yọ nígbàkígbà, ẹ gbé ọmọ padà wá, ẹ má dúró kí oògùn tán.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú káàdì oògùn tó ti ṣófo, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó mú wọn wá. A ka ihò wọn: mẹ́fà fún Táyé, mẹ́rìnlá fún Kẹ́hìndé, ìyẹn méjìlá àti méjì tó bì. Ara àwọn méjèèjì ti tutù láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fẹ́ kí n tún gún wọn níka, kó lè rí i pé ibà ti lọ. Mi ò gún wọn. Irú ike àyẹ̀wò tá a lò ń wá èròjà kan tí kòkòrò ibà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ilà méjì á ṣì yọ, ìyá á sì torí rẹ̀ ra oògùn tí ọmọ kò nílò.

Mo kọ déètì ọjọ́ Ajé yẹn sínú káàdì àwọn méjèèjì. Bí ara ọ̀kan nínú wọn bá tún gbóná kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé láti ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wò lábẹ́ maikirosikóòpù ni kí wọ́n ṣe fún un, kí dókítà sì pinnu bóyá oògùn mìíràn ló tọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò tuntun ni, àti ìwọ̀n tuntun. Táyé kò ju ìdajì kílò àti díẹ̀ sí 15 mọ́, nígbà yẹn ó ṣeé ṣe kí hóró tirẹ̀ náà ti di méjì.